Bí Kafilat Ṣe Fi Yunifásítì Sílẹ̀ Nítorí 3a + 4b

Inú máa ń tètè bí mi. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé èmi, Rẹ̀mí Bọ́lárìnwá, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní yunifásítì kan ní Port Harcourt, láti 1999 títí di 2024 tí mo fẹ̀yìn tì, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ wọ kíláàsì mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti lé ọmọ kọmíṣọ́nnà jáde rí. Mo ti sọ fún ọ̀gá kan lójú ara rẹ̀ pé kò mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tó yẹ kí n la ẹnu mi yìí, ọjọ́ náà gan-an ni mo pa á dé. Bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi apá kan pamọ́.

Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń jẹ́ Kafilat. Mùtíù, bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń tún rédíétọ̀ ọkọ̀ ṣe ní Diobu. Port Harcourt ni wọ́n bí Kafilat sí, Pidgin ló fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, òun ló sì fi ń bá wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n Mùtíù ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ Pidgin nínú ilé òun, nítorí náà Yorùbá tí Kafilat gbọ́ kò ju ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá àgbà rẹ̀ lọ. Ọmọ ogún ọdún yóò la ẹnu, ọ̀rọ̀ arúgbó ni yóò jáde. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń pè é ní Ìyá Àgbà, yóò sì rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹ máa wò ó, mà."

Ọdún 2008 ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé orí rẹ̀ pé ju ti ìyókù lọ. Mo ń kọ́ wọn nípa ohun tí à ń pè ní gúrúùpù abẹ́líà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Àkójọ nǹkan ni, tí a lè rò pọ̀, tí a lè yọ kúrò lára ara wọn, tí kò sì ṣe nǹkan kan, bí a bá ń rò wọ́n pọ̀, bóyá ti ọ̀tún ni a kọ́kọ́ mú tàbí ti òsì. Aago ara ògiri jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: bí o bá ti ka wákàtí dé méjìlá, o ti padà sí òdo nìyẹn. Nọ́ńbà odindi náà jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í padà. Bí o bá ń ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, wàá kà á kà á, wàá kú kó o tó tán.

Mo wá bi kíláàsì náà pé oríṣi gúrúùpù abẹ́líà mélòó ló wà tó ní ohun mẹ́rìndínlógójì nínú. Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ẹnì kan ní mẹ́sàn-án, òmíràn ní méje. Gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ nọ́ńbà mélòó kan di ìlọ́po ara wọn kó fi di 36 ni wọ́n ń kà lọ. Kafilat dìde lẹ́yìn pátápátá, ó ní mẹ́rin péré ni. Ó ní aago kan tó jẹ́ ti 36. Aago 2 pẹ̀lú aago 18. Aago 3 pẹ̀lú aago 12. Aago 6 pẹ̀lú aago 6. Ó ní àwọn tó ka aago 4 pẹ̀lú aago 9 mọ́ ọn ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sí nọ́ńbà tó lè pín 4 kó sì pín 9 àfi 1, bí o bá sì kì wọ́n mọ́ ara wọn, aago 36 náà ni wọ́n jẹ́. Ó ní aṣọ kan náà ni, bí a ṣe ká a ló yàtọ̀.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òun ò tíì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́rin tiẹ̀. Ó ní torí pé ìgbàkúùgbà tí aago bá ju ẹyọ kan lọ, òun rí i dájú pé ti àkọ́kọ́ lè pín ti èkejì láìṣẹ́kù: 2 pín 18, 3 pín 12, 6 pín 6. Ó ní òfin yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹyọ kan fi orúkọ méjì wọlé. Ó tọ̀nà. Mo ní kó jókòó, mi ò yìn ín, nítorí n kì í yin èèyàn ní gbangba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti rí ẹni tí yóò jókòó sórí àga mi nígbà tí mo bá lọ.

Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 2009, ipò kìíní. Wọ́n gbà á síṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa ní 2010, pẹ̀lú àdéhùn pé láàárín ọdún mẹ́rin ó gbọ́dọ̀ ti gba oyè másítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ. Èmi ni mo ń tọ́ ọ sọ́nà lórí ìwé tó máa kọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti yanjú.

Ohun tí ìwé náà dá lé ni mo fẹ́ kí ẹ yé, torí òun gan-an ló fa gbogbo rẹ̀. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà odindi, àwọn ìran mìíràn wà tí ìwà wọn jọ ti nọ́ńbà odindi ní ọ̀nà kan. Ẹ mú 4 àti 6. Gbogbo ohun tí ẹ lè fi ìlọ́po 4 àti ìlọ́po 6 rò jọ, ìlọ́po 2 ni yóò jẹ́, kò sì sí ìlọ́po 2 tí ẹ ò ní rí níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn 2, ló bí gbogbo wọn. Ìran tó bá jẹ́ pé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ kì í nílò ju òbí kan lọ, tí ìlọ́po ohun méjì tí kì í ṣe òdo kì í sì í jẹ́ òdo níbẹ̀, òun là ń pè ní pí-áì-dí. Nígbà tí a bá wá ní gúrúùpù abẹ́líà kan tí a lè fi àwọn ọmọ irú ìran bẹ́ẹ̀ sọ àwọn ohun inú rẹ̀ di ìlọ́po, a ní mọ́dúlù nìyẹn.

Òfin ńlá ibẹ̀ ni pé mọ́dúlù yòówù tí ìwọ̀nba ohun mélòó kan bá bí, yóò pín sí apá méjì. Apá kìíní ni àwọn tó ń padà sí òdo, tọ́ṣọ̀n ni orúkọ rẹ̀, aago lórí aago ni, èyí àkọ́kọ́ ń pín èyí tó tẹ̀lé e. Apá kejì ni apá òmìnira, àwọn tó ń lọ tí kì í padà, a sì lè ka iye ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ. Bí ẹ bá wá mú nọ́ńbà odindi gẹ́gẹ́ bí ìran yẹn, mọ́dúlù rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju gúrúùpù abẹ́líà lọ. Bí gúrúùpù náà bá sì ní òpin, kò ní apá òmìnira kankan, aago nìkan ló kù, ẹ ti padà sí mẹ́rin tí Kafilat kà ní kíláàsì nìyẹn. Òfin kan ṣoṣo, ó gbé gbogbo rẹ̀.

Kí ló wá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú pípín yìí? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Iye àwọn aago àti bí wọ́n ṣe tóbi tó, kò lè yí padà. Iye ọ̀nà òmìnira, kò lè yí padà. Apá tọ́ṣọ̀n fúnra rẹ̀, kò lè yí padà, torí ohun tó bá ń padà sí òdo ń padà, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n apá òmìnira, ìwọ lo máa yàn án. Bí tọ́ṣọ̀n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn lè yan òmíràn, kí ẹ̀yin méjèèjì sì tọ̀nà. Kafilat kọ gbogbo èyí sí orí kẹrin ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa. Mo kà á kọjá láìfi gègé kàn án, torí kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n pè láti ìta wá dán an wò ni Prófẹ́sọ̀ Akínfẹ́nwá. Bàbá yìí ló kọ́ èmi náà nílé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun nígbà tí kò sí lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà tó kọ ní 1999 ló gbé mi dé Port Harcourt. Bàbá ní ìwé ìléwọ́ kan tó ti ń fi kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo wa la dà á kọ, a sì dà á fún àwọn ọmọ tiwa. Lójú ewé kọkànlélógójì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá tọ́ṣọ̀n àti apá òmìnira, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ti tọ́ṣọ̀n tọ̀nà. Ti òmìnira kò tọ̀nà. Mo rí àṣìṣe yẹn ní 2002 nígbà tí mo ń múra kíláàsì sílẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i nínú ẹ̀dà tèmi, mo sì fi í sínú àpótí tábìlì mi, mo tì í pa. N kò sọ fún Bàbá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni. Mo lọ pàdé Bàbá ní pápákọ̀ òfuurufú ní Omagwa, mo fi ọkọ̀ mi gbé e lọ sí ilé àlejò ní Old GRA. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní inú òun dùn pé ọmọ òun náà ti ní ọmọ. Ó bi mí pé ọmọ ta ni Kafilat, mo sọ fún un, ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ márùn-ún nínú yàrá ìpàdé. Olórí ẹ̀ka wa wà níbẹ̀, ọmọ Ìkwẹ́rẹ́ ni, èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ìṣirò omi àti atẹ́gùn ni tiẹ̀, kò mọ nǹkan kan nípa mọ́dúlù, òun náà kì í sì í fi pamọ́. Ẹnì kan wá láti ẹ̀ka kẹ́místírì láti máa ṣojú yunifásítì. Àwa Yorùbá mẹ́ta ni ìyókù: Bàbá, èmi, àti Kafilat níwájú pátákó.

Bàbá dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ìbéèrè rẹ̀. Gúrúùpù kan ni, ohun méjì ló bí i, a àti b, òfin kan ṣoṣo ló dè wọ́n: 4a + 6b = 0. Ó ní kó pín in. Kafilat ò tilẹ̀ ronú. Ó ní 2 ló bí 4 àti 6, nítorí náà aago 2 kan wà níbẹ̀, ọ̀nà òmìnira kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ t = 2a + 3b, ó ní t kì í ṣe òdo, ṣùgbọ́n bí o bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì, 4a + 6b ni, òdo sì ni. Tọ́ṣọ̀n nìyẹn, t àti òdo, ó parí. Ó wá kọ apá òmìnira: ohun tí v = 3a + 4b bí.

Bàbá ní rárá. Ó ní a + b ni. Ohùn rẹ̀ ò le, ó rò pé ọmọ náà ṣìṣe nínú ìròpọ̀ ni. Kafilat ní a + b tọ̀nà, sà, ṣùgbọ́n èyí náà tọ̀nà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ pé a = 3v, b = t − 2v, láti fi hàn pé t àti v tó láti dá a àti b padà. Mo ti ṣe é tán nínú orí mi kó tó kọ ọ́: 3v jẹ́ 9a + 12b, ìyẹn a pẹ̀lú t lọ́nà mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́rin t sì ti di òdo. Ó tọ̀nà bí ọ̀sán ṣe ń jẹ́ ọ̀sán. Ó ní méjì péré ló wà, a + b àti 3a + 4b, èkejì kàn jẹ́ ti àkọ́kọ́ tí a ro t mọ́, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn.

Bàbá ní òfin sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Kafilat ní iye ọ̀nà ni òfin ń wí, sà, kì í ṣe ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àgbà ṣe máa ń rí bí wọ́n bá já a nírọ́ níwájú àjèjì. Ojú Bàbá yí padà, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí mo ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí ẹ?"

Olórí ẹ̀ka wa ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ìbínú. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Doctor, na your pikin be this. Who correct?" Ó fẹ́ kí n sọ ẹni tó tọ̀nà, kí a lè lọ jẹun. Ìbéèrè náà mọ́ kedere. Èmi nìkan ni mo lè dá a lóhùn nínú yàrá yẹn.

Mo ti rò ó títí nípa ohun tó ṣe mí. Mo ronú pé àwa mẹ́ta la wà láàárín àwọn tí kì í ṣe tiwa, ta ló ń tú aṣọ lára bàbá rẹ̀ lójú àlejò? Mo ronú nípa oúnjẹ ilé Bàbá. Ẹlòmíràn lè sọ pé torí pé wọ́n ti fi àwọn ìwé ìwádìí mi ránṣẹ́ sí Bàbá kó yẹ̀ wọ́n wò fún ìgbéga mi ni. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra.

Mo ní Prófẹ́sọ̀ ló tọ̀nà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, kí ó lè wọ ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo fi Yorùbá sọ èyí tó burú jù.

"Kafilat, kúnlẹ̀. Bẹ Bàbá."

Ó wò mí.  Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó bẹ Bàbá, Bàbá fọwọ́ kàn án lórí, ìbínú rẹ̀ sì tán lójú ẹsẹ̀, torí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun ti fún un ní oyè náà, kó ṣáà tún orí kẹrin ṣe, kó kọ ọ́ bó ṣe wà lójú ewé kọkànlélógójì ìwé òun, bó bá ti kọ ọ́, òun á fọwọ́ sí i. Olórí ẹ̀ka wa bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Kafilat ló nu pátákó.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló wá sí ọ́fíìsì mi. Ó kó bébà mẹ́ta dání, ó tẹ́ wọn síwájú mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun wò ó. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, a, b, t, v, ó sì tún fi àpẹẹrẹ mìíràn tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Mo wò ó. Àpótí tábìlì tí ẹ̀dà mi wà pẹ̀lú ìlà pẹ́ńsù náà kò jìnnà sí orúnkún mi. Mo ní, "Mi ò rí ohun tí ò ń sọ, Kafilat."

Ó rọra tún un ṣe. Ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, kò kánjú. Mo ní mi ò tíì rí i. Mo ní Bàbá ló kọ́ mi, Bàbá ò lè ṣìṣe lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó lọ kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ, gbólóhùn kan péré ni. Ó kó àwọn bébà rẹ̀. Ó ní bí òun bá kọ ohun tí òun mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ tí òun sì fọwọ́ sí i, kí ni òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tí òun bá dé kíláàsì? Mo bínú sí i. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo bínú. Mo ní agídí rẹ̀ ni yóò pa á.

Ó tún ìwé náà ṣe. Gbogbo kọ́mà tí Bàbá tọ́ka sí ló tún ṣe, gbólóhùn yẹn nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Bàbá dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. A tún fi ránṣẹ́, ó tún dá a padà. Ọdún 2014 pé, àdéhùn ọdún mẹ́rin parí, lẹ́tà yunifásítì dé pé kí ó máa lọ.

Mùtíù bàbá rẹ̀ wá bá mi. Ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún iṣẹ́, kò sì fẹ́ jókòó sórí àga mi kí ó má baà bà á jẹ́. Kò bá mi jà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé àṣìṣe ni ọmọ òun ṣe? Ó ní bó bá jẹ́ àṣìṣe, òun yóò bá a sọ ọ́, yóò gbọ́. Mo dá a lóhùn pé orí kunkun ni ọmọ rẹ̀ ní. Ó dúró, ó ń retí ìdáhùn, torí kì í ṣe ohun tó bi mí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ìgbéga mi jáde ní 2015. Kafilat ti kó lọ sí Oyigbo nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama aládàáni kan, ó sì fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bashiru. Ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti ń gbọ́. Oyigbo ò jìnnà, mo máa ń kọjá níbẹ̀ bí mo bá ń lọ Aba, mo sì máa ń wo iwájú tààrà. Bàbá kú ní 2021. Mo sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi dùn, àwọn èèyàn sunkún. Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí Bàbá bá ti lọ ni n óò lọ bá ọmọ náà. Mo tún fi ọdún mẹ́ta kún un, torí ìtìjú kì í tán nílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó lọ bá a ní Oyigbo. Ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ọmọ náà dùn láti rí mi? Ó bọ́ síta, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá kí ìyá tó kọ́ ìyá wọn. Pidgin ni wọ́n fi kí mi, ó bá wọn wí. Ó gbé ìrẹsì àti ẹja wá. Ó bi mí nípa ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí. Ó sọ fún mi pé Mùtíù ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì fi ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ hàn mí. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ti ń pín nọ́ńbà bí Kafilat fúnra rẹ̀ ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀.

Mi ò lè jẹun. Mo ní, "Kafilat, 3a + 4b tọ̀nà. Ìwọ lo tọ̀nà lọ́jọ́ náà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀, mà, ó ti pẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò kan. Ó ní inú òun dùn pé mo padà rí i.

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní fi apá kan pamọ́. Mo ní kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo ní mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo ní kó kúnlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó tẹ́ bébà mẹ́ta síwájú mi. Mo ti mọ̀ ọ́n láti 2002, kó tó wọ yunifásítì rárá.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àwo ìrẹsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé ẹ ò rí i ni, mà. Ọdún mọ́kànlá. Bàbá mi bínú sí yín títí ó fi kú, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ fún un pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, pé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó dárí jì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ẹlòmíràn ni òun dárí jì.

Kò lé mi. Ó gbé báàgì mi, ó sìn mí dé títì, ó bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó sọ fún awakọ̀ náà ní Pidgin pé kí ó rọra máa lọ, pé àgbàlagbà ló gbé.